Bí Ẹ Ṣe Lè Bá Ìnfúlúẹ́ńsà Kékeré Ṣiṣẹ́, Kí Ẹ sì Mọ Iye Ọjà Tó Bá Yín Tà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọlọ́jà ń bi mí léraléra: "Mo sanwó fún ìnfúlúẹ́ńsà kan, ó gbé ọjà mi sórí péèjì rẹ̀, láìkì pọ̀ bí omi, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá mo jèrè àbí mo gbé owó sọnù." Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí pósìtì ti jáde kó tó béèrè èyí ti pẹ́. Ọjọ́ tí ẹ ń dúnàádúrà ni ìdáhùn rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí ẹ kò bá là sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kò sí bí ẹ ṣe máa kà á lẹ́yìn náà.

Ìnfúlúẹ́ńsà kékeré tí mò ń sọ ni ẹni tí fọ́lówà rẹ̀ wà láàárín 10,000 sí 100,000. Àwọn kan tilẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kíkà wọn láti 1,000. Àpẹẹrẹ kan ṣoṣo ni màá lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ẹ̀yin ń ta báàgì lórí ìkànnì yín, ẹ sì fẹ́ bá ẹnì kan tí a máa pè ní K ṣiṣẹ́. Mi ò dárúkọ owó orílẹ̀-èdè kankan. Ẹ fi èyí tí ẹ ń ná rọ́pò rẹ̀.

## Kí ẹ tó kọ̀wé sí ẹnikẹ́ni: kí ló ń ṣẹ́ kù lórí ọjà kan?

1. Ẹ kọ iye tí ẹ ń ta báàgì kan sílẹ̀. Ká ní 100 ni.
2. Ẹ yọ owó tí ẹ fi ṣe é tàbí tí ẹ fi rà á, owó ìdì, àti èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń gba owó fún yín ń gé. Ká ní gbogbo rẹ̀ jẹ́ 50. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ń san owó ìfiránṣẹ́, ẹ fi kún un.
3. Ẹ yọ ẹ̀dínwó tí kóòdù, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí K máa ní kí oníbàárà kọ síbi ìsanwó, máa fún un. 10% jẹ́ 10, nítorí náà 90 ni oníbàárà máa san.
4. Ẹ yọ kọmíṣọ̀n K. 10% lórí 90 tí oníbàárà san gan-an jẹ́ 9.

```
100 - 50 - 10 - 9 = 31
```

31 yìí ni ẹ máa gbé lọ síbi ìdúnàádúrà. Tí K bá gba 620, ó gbọ́dọ̀ ta báàgì 20 kí owó yín tó padà, torí pé 620 tí a bá pín sí 31 jẹ́ 20.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbí ni kí èèyàn máa wo ẹ̀dínwó bí ohun kékeré. 10% lórí iye ọjà kì í ṣe 10% lórí èrè. Nínú èrè 50 tí ẹ ní, 10 ti lọ, ìyẹn ìdá kan nínú márùn-ún. Tó bá jẹ́ 25% lẹ fún wọn, ìdajì èrè yín ti lọ kí K tó gba kọ́bọ̀. Tí èrè orí ọjà yín bá kéré, ẹ fi ẹ̀bùn kékeré kan tàbí ìfiránṣẹ́ ọ̀fẹ́ rọ́pò ẹ̀dínwó. Ó lè má wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

## Ohun tó yẹ kí ẹ bi K kí ẹ tó sọ̀rọ̀ owó

Iye fọ́lówà kò sọ púpọ̀. Àwọn tó rí pósìtì, tí wọ́n sì tẹ líǹkì, ni wọ́n lè rà. Nítorí náà, ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin yìí:

- Ẹni mélòó ló ń wo sítórì rẹ̀ ní ọgbọ̀n ọjọ́ tó kọjá, ní ìpíndọ́gba?
- Nígbà tó fi líǹkì sí sítórì gbẹ̀yìn, ẹni mélòó ló tẹ̀ ẹ́?
- Ibo ni àwọn fọ́lówà rẹ̀ ń gbé, ọmọ ọdún mélòó sì ni wọ́n?
- Ta ló ti polówó irú ọjà yìí fún láàárín oṣù mẹ́ta sẹ́yìn?

Ẹ ní kó fi fídíò ká ojú fóònù rẹ̀ bó ṣe ń ṣí Insights, ibi tí Instagram ti ń fi iye àwọn tó ń wò ó hàn án, kí ẹ sì rí i bó ṣe ń yí i lọ sílẹ̀. Àwòrán lásán rọrùn láti tún ṣe. Mi ò sọ pé olè ni gbogbo wọn o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí, ó tiẹ̀ máa ń ti ní fídíò náà nílẹ̀.

Ẹ ka kọ́mẹ́ǹtì pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ "ó dára gan-an" àti ẹ̀mójì iná ni gbogbo wọn, ẹ fura. Ibi tí wọ́n bá ti ń béèrè pé "ṣé ó lè gba kọ̀ǹpútà?" tàbí "ibo lo ti rà á?" ni ọjà wà. Tí púpọ̀ nínú fọ́lówà rẹ̀ bá sì ń gbé níbi tí ẹ kò lè fi ọjà ránṣẹ́ sí, ẹ má wulẹ̀ bá a lọ.

## Ìdúnàádúrà: ẹ yí ohun tí ẹ ń rà padà, ẹ má kàn máa gé owó

K ní fọ́lówà 18,000. Nǹkan bí 4,000 ló ń wo sítórì rẹ̀, nǹkan bí 150 ló sì tẹ líǹkì tó fi síbẹ̀ gbẹ̀yìn. Ó ní òun máa gba 900 fún fídíò kan àti sítórì méjì.

Ẹ wo ìkànnì tiyín báyìí: nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó wọlé, mélòó ló ń rà? Ká ní mẹ́rin ni. Èèyàn 150 láti inú sítórì kan yóò mú báàgì 6 tà. Sítórì méjì, báàgì 12. Ní 31 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 372 ni yóò wọlé fún 900 tí ẹ san. Fídíò lè fi díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n èèyàn kì í fi ohun tí kò rí san gbèsè.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà máa sọ pé, "Jọ̀ọ́, gba 400." K á bínú, tàbí kó gbà á kó sì ṣe iṣẹ́ náà bí ẹni tí wọ́n fi ipá mú. Ọ̀nà tó sàn ni kí ẹ gbé ìṣirò náà síwájú rẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

"A mọrírì iṣẹ́ yín. Ohun tí a lè ṣe ni 620, pẹ̀lú kọmíṣọ̀n 10% lórí gbogbo ọjà tí kóòdù yín bá tà. A fẹ́ fídíò kan àti sítórì mẹ́rin láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Tí báàgì 24 bá tà, gbogbo owó yín á jẹ́ 836. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sí òpin."

Sítórì mẹ́rin lè mú èèyàn 600 wọlé, ìyẹn báàgì 24, ó sì ju 20 tí ẹ nílò lọ. K sún mọ́ 900 tó béèrè, ẹ̀yin náà kò ru gbogbo ewu. Sítórì tí wọ́n tún ṣe léraléra wúlò ju èyí tó jáde lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí wákàtí 24 péré ni sítórì fi ń wà lójú ìwé, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rí ọjà lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó rà.

Tí èyí kò bá bá yín mu, àwọn ọ̀nà mìíràn wà:

- Ọjà ọ̀fẹ́ nìkan. Ó bá ẹni tí péèjì rẹ̀ ṣì kéré mu. Ẹ kò lè pàṣẹ ọjọ́ tàbí ọ̀rọ̀ fún un, ẹ má sì retí iye ọjà kan pàtó.
- Kọmíṣọ̀n nìkan. Ewu rẹ̀ kéré fún yín, àmọ́ àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa kì í sábà gbà á. Tí ẹ bá lò ó, ẹ gbé e sókè sí 15% tàbí 20%, kí ẹ sì tún 31 yẹn ṣírò.
- Owó kan ṣoṣo, láìsí kọmíṣọ̀n. Ó rọrùn láti san. Mo máa ń lò ó nígbà tó bá jẹ́ fídíò náà gan-an ni mo nílò, tí mo fẹ́ lò ó níbòmíràn.

## Àdéhùn: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ó kéré tán nínú ímeèlì kan

Ìwé lọ́yà kò pọn dandan fún iṣẹ́ kékeré. Ímeèlì kan tí K fèsì sí pé "mo gbà" tó, tí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá wà nínú rẹ̀:

- Iye pósìtì, irú rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tó máa jáde
- Ọjọ́ mélòó ni fídíò gbọ́dọ̀ wà lórí péèjì kó tó lè pa á rẹ́
- Iye owó, ìgbà tí ẹ máa san án (mo máa ń san ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn tí èyí tó gbẹ̀yìn bá jáde)
- Kọmíṣọ̀n: lórí iye wo, àti pé ọjà tí wọ́n dá padà kò sí nínú rẹ̀
- Ṣé ẹ lè fi fídíò rẹ̀ ṣe ìpolówó tiyín, fún oṣù mélòó
- Ọjọ́ mélòó ni kò fi ní polówó báàgì ẹlòmíràn
- Bó ṣe máa fi hàn pé ìpolówó tí wọ́n sanwó fún ni

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, àjọ FTC ló ń bójú tó o. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àjọ ASA ni. Báàgì ọ̀fẹ́ lásán náà wọ ibẹ̀, ó sì lè kan ẹ̀yin ọlọ́jà, kì í ṣe K nìkan. Kó lo àmì `Paid partnership` tó wà lórí Instagram, tàbí kó kọ ọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í ṣe kó fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ lábẹ́ háṣìtáàgì ogún.

Lílo fídíò rẹ̀ fún ìpolówó tiyín ni ìjà ti máa ń bẹ́ sílẹ̀ jù. Ọlọ́jà rò pé òun ti ra fídíò. K rò pé ààyè lórí péèjì òun lòun tà. Ohun méjì ni, owó méjì sì ni.

## Kóòdù ẹ̀dínwó: ẹnì kan, kóòdù kan

Nígbà kan, mo fún ènìyàn mẹ́ta ní kóòdù kan ṣoṣo, torí ọ̀lẹ lásán. Ọjà tà, mi ò sì mọ ẹni tí màá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí láìkì rẹ̀ pọ̀ jù ni mo tún pè. Nígbà tí mo fún un ní kóòdù tirẹ̀, ọjà méjì péré ló tà.

1. Ẹ yan kóòdù tí èèyàn lè gbọ́ lẹ́nu, kó sì kọ ọ́ láìṣìnà. Ẹ má fi lẹ́tà O àti òǹkà 0 sí i nítòsí ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni I àti 1. `EWAK10` dára, `B0I1O` yóò pa yín lówó.
2. Tó bá jẹ́ WooCommerce lẹ fi ṣe ìkànnì ìtajà yín, ẹ lọ sí `Marketing`, lẹ́yìn náà `Coupons`. Lórí Shopify, `Discounts` ni.
3. Ẹ fi òpin sí i pé ẹnì kan lè lò ó lẹ́ẹ̀kan: `Usage limit per user` lórí WooCommerce, `Limit to one use per customer` lórí Shopify.
4. Ẹ má jẹ́ kó dàpọ̀ mọ́ ẹ̀dínwó mìíràn. Lórí WooCommerce, ẹ máàkì `Individual use only` àti `Exclude sale items`. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, 31 yín lè di òfo nígbà tí ẹ bá ń ta ọjà lọ́wọ́ pọ́ọ́kú.
5. Ẹ fi ọjọ́ ìparí sí i. Lórí WooCommerce, agogo méjìlá òru tí ọjọ́ tí ẹ kọ síbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni kóòdù ń kú. Tí K bá sọ fáwọn èèyàn pé ó parí lọ́jọ́ 20, ẹ kọ ọjọ́ 21.
6. Ẹ fi kóòdù náà ra ọjà kan fúnra yín lórí fóònù, kí pósìtì tó jáde.

## Líǹkì, nítorí kóòdù nìkan kò tó

Ẹni tó tẹ líǹkì lè gbàgbé kóòdù. Ẹni tó rántí kóòdù lè gba ọ̀nà mìíràn wọlé. Nítorí náà, ẹ fún K ní líǹkì tirẹ̀ tó ní àmì UTM, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tí a so mọ́ ìdí líǹkì kí ẹ lè mọ ibi tí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ti wá:

```
https://example.com/baagi?utm_source=instagram&utm_medium=influencer&utm_campaign=baagi_tuntun&utm_content=k_story1
```

`utm_content` ni ẹ máa yí padà fún sítórì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Lẹ́tà kékeré ni kí ẹ fi kọ gbogbo rẹ̀: Google Analytics, irinṣẹ́ tó ń ka àwọn tó wọ ìkànnì yín, máa ń ka `Instagram` àti `instagram` sí ohun méjì.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ìbéèrè kan sí ojú ìwé ìsanwó: "Ta ló sọ fún yín nípa wa?" Ẹ kọ orúkọ péèjì K sínú àwọn ìdáhùn tí wọ́n lè mú. Ìbéèrè yìí ló ń mú àwọn tó rí báàgì lórí fóònù, tí wọ́n wá fi kọ̀ǹpútà rà á lọ́jọ́ kẹta láìlo líǹkì tàbí kóòdù.

## Ọ̀sẹ̀ méjì ti pé: ẹ jẹ́ ká ka owó

Ẹ má ṣírò lọ́jọ́ tí pósìtì gbẹ̀yìn jáde. Ẹ dúró kí àkókò tí oníbàárà fi lè dá ọjà padà kọjá.

Kóòdù K mú ọjà 34 wá. Ọlọ́jà tó ń kánjú á sọ pé 34 lọ́nà 31 jẹ́ 1,054, á yọ 620, á sì máa yọ̀ pé òun jèrè 434. Ẹ fara balẹ̀.

1. Ẹ yọ èyí tí wọ́n dá padà. Mẹ́ta ni. Ó ku ọjà 31. Kọmíṣọ̀n K jẹ́ 31 lọ́nà 9, ìyẹn 279. Gbogbo owó rẹ̀ wá di 899.
2. Ẹ ya àwọn oníbàárà àtijọ́ sọ́tọ̀. Ẹ fi ímeèlì tàbí nọ́ńbà fóònù wá wọn nínú àkọsílẹ̀ yín. Mẹ́sàn-án nínú wọn ti ra nǹkan lọ́wọ́ yín rí. Àwọn tuntun jẹ́ 22, èrè wọn sì jẹ́ 22 lọ́nà 31, ìyẹn 682.
3. Ẹ ka ohun tí àwọn àtijọ́ náà jẹ. Tó bá jẹ́ pé wọn ì bá rà á ní 100 bákan náà, ẹ ti fún wọn ní 10, ẹ sì fún K ní 9 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. 19 lọ́nà 9 jẹ́ 171.
4. Ẹ fi àwọn tí kò lo kóòdù kún un. Oníbàárà tuntun méje mú orúkọ K ní ojú ìwé ìsanwó, wọ́n sì san 100 pé. Èrè wọn jẹ́ 7 lọ́nà 50, ìyẹn 350.

```
682 - 620 - 171 + 350 = 241
```

Èrè 241 ni, kì í ṣe 434. Ká ní ẹ kò béèrè ìbéèrè ojú ìwé ìsanwó yẹn ni, ẹ ì bá rí àdánù 109, ẹ ì bá sì ti lé K lọ láìnídìí. Ìgbésẹ̀ kẹta yẹn ló le jù nínú ìṣirò yìí, torí kì í ṣe gbogbo àwọn mẹ́sàn-án ló ti ń gbèrò láti rà. Mo máa ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí n má bàa tan ara mi jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ mú un kúrò pátápátá, ẹ ṣe kóòdù náà fún oníbàárà tuntun nìkan, kí ẹ sì jẹ́ kí K sọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò rẹ̀, kí àwọn àtijọ́ má bàa bínú níbi ìsanwó.

## Nígbà tí kóòdù bá jò

Àwọn ìkànnì kan wà tí iṣẹ́ wọn kò ju kíkó kóòdù jọ lọ, àwọn irinṣẹ́ kan sì wà nínú bíráúsà tó ń dán kóòdù wò fún oníbàárà níbi ìsanwó. Bí `EWAK10` bá dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹni tí kò gbọ́ orúkọ K rí á lò ó, ẹ̀yin á sì san kọmíṣọ̀n lé e.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ gbé kóòdù sí ẹ̀gbẹ́ líǹkì. Ní ọjọ́ tí sítórì jáde, méjèèjì yẹ kó gòkè pọ̀. Tí kóòdù bá ń wọlé déédéé lójoojúmọ́ nígbà tí K ò sọ nǹkan kan, tí àwọn tó ń lò ó sì ń wá láti ibi tí fọ́lówà rẹ̀ kò pọ̀ sí, ó ti jò. Ẹ wá orúkọ ìkànnì yín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ `coupon` lórí Google, ẹ máa rí ibi tó wà.

Ẹ má fẹ̀sùn kan K kíákíá. Fọ́lówà kan ṣoṣo ló lè gbé e síbẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí i pé kóòdù ti jò, ẹ san kọmíṣọ̀n títí di ọjọ́ tí ẹ rí i, ẹ pa á, kí ẹ sì fún un ní tuntun tí kò rọrùn láti fojú bù. Ẹni tó ti rí 10 lẹ́yìn orúkọ K lè dán 15 àti 20 wò.

## Ṣé kí ẹ tún pè é?

Fún K, mo máa pè é padà, ṣùgbọ́n mi ò ní tún àdéhùn kan náà ṣe. Àkọsílẹ̀ `utm_content` fi hàn pé sítórì kejì, níbi tó ti kó ohun tó wà nínú báàgì rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ló mú èèyàn tó pọ̀ jù wọlé, tí sítórì kẹrin kò sì mú ẹnikẹ́ni rà. Lẹ́ẹ̀kejì, sítórì mẹ́ta ni màá béèrè, pẹ̀lú irú ìkójáde yẹn nínú méjì, kóòdù á jẹ́ ti oníbàárà tuntun nìkan, owó rẹ̀ á sì wà ní 620 síbẹ̀. Ẹ fi ẹ̀rí tí ẹ rí ránṣẹ́ sí òun náà lọ́jọ́ tí ẹ bá ń san kọmíṣọ̀n: iye tó tà, iye tí wọ́n dá padà, sítórì tó ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà kì í ṣe é, bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ló máa fi tún ìpolówó tó kàn ṣe.